Náírà Ọdún Wo Nìyẹn?

Ẹni tó bá rí i pé èmi ni mo kọ èyí yóò rò pé àlọ́ ìjàpá tàbí ọ̀rọ̀ oríkì ni mo tún gbé dé. Rárá o, ọ̀rọ̀ owó ni lọ́tẹ̀ yìí: bí èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá òwò kan yóò pé òun tàbí kò ní pé òun, ní ìlú tí owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ìwé kan ṣoṣo tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá wọn tẹ̀wé ní Okokomáíkò ló gbé mi débẹ̀. Bí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà bá jẹ́ òótọ́, ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ní pẹ́ kógbá sílé, èmi náà yóò sì tún máa wá ibòmíràn tí n óò ti máa rí owó ọkọ̀ lọ sí kíláàsì.

Ẹ mọ irú ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ. Wọ́n kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Ìyànà-Ìbà títí dé iwájú géètì LASU, wọ́n sì tún kún inú Okokomáíkò: ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tó ń di ìwé pọ̀, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n tó ni tiwa fẹ́ jáwọ́ nínú jẹnẹrétọ̀. Ó ti lọ sí ọjà Alábà, wọ́n sì ti bá a ṣírò páńẹ́ẹ̀lì sólà, bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ìnfátà àti owó àwọn tí yóò gbé e gun òrùlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,500,000. (Mo ti sọ àwọn iye kan di odidi kí ìṣirò lè rọ̀ wá lọ́rùn, àmọ́ n kò yà kúrò lójú ọ̀nà.) Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, ló bá lọ síbi kan tí wọ́n ti ń yáni lówó. Òṣìṣẹ́ wọn ṣe ìṣirò fún un, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé iṣẹ́ náà yóò pàdánù ₦389,315, pé kò yẹ ní yíyá lówó.

Ẹ̀gbọ́n gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Àbúrò, ìwọ tó ń lọ yunifásítì, bá mi wò ó. Ohun tó fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ elépo, báwo ló ṣe tún fẹ́ jẹ mí lówó?”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.” Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ń gbé ní ẹ́sítéètì Ìbà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ṣòro. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bẹntiróòlù lítà 3 lójúmọ́, ṣọ́ọ̀bù ń ṣí fún nǹkan bí ọjọ́ 300 lọ́dún, lítà kan jẹ́ ₦900 lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà. Ìyẹn ₦810,000. Ẹ fi ₦90,000 fún ẹ́ńjìn-ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti mẹkáníìkì kún un, ó di ₦900,000. Iye tí sólà yóò gbà sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lọ́dún kan nìyẹn. Ọdún márùn-ún ni gàràǹtì bátìrì, nítorí náà wọ́n kọ ₦900,000 sí ọdún kìíní, ₦900,000 sí ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún karùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mú owó ọjọ́ iwájú bọ̀ wá sí iye rẹ̀ lónìí. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe èyí ni pé owó tí yóò dé lọ́dún tó ń bọ̀ kò tó owó tó wà lọ́wọ́ báyìí. Èlé tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú 100 lọ́dún. Bí mo bá ya ₦100 lónìí, ₦132 ni n óò dá padà ní àmọ́dún, nítorí náà ₦132 àmọ́dún àti ₦100 òní jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà lójú wọn. Gbogbo owó tó bá máa wọlé ní ìparí ọdún kìíní, a ó fi 1.32 pín in. Ti ọdún kejì, a ó fi 1.32 pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ti ọdún karùn-ún, ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀: ₦900,000 ọdún kìíní di ₦681,818, ti ọdún karùn-ún sì ti joro di ₦224,581. Àpapọ̀ márààrún jẹ́ ₦2,110,685. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦2,500,000 tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ ná, ₦389,315 ló fi dín. Ìṣirò náà pé. A fi fóònù ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wo ìwé náà títí, ó wá fọwọ́ sí ₦900,000 ti ọdún karùn-ún. Ó bi mí pé, “Náírà ọdún wo nìyẹn?”

Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Owó tí a bá kọ sí abẹ́ ọdún karùn-ún lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjì. Ó lè jẹ́ iye náírà tí ẹ̀gbọ́n yóò fọwọ́ rẹ̀ kà lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo bí ọjà yóò ti wọ́n tó nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní owó ọjọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí owó náà yóò rà ni a ń wò, tí a wá fi iye tí nǹkan jẹ́ báyìí díwọ̀n rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní, “Lítà 900 ni n kò ní rà mọ́, lójú òní ìyẹn jẹ́ ₦810,000.” Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní owó òní. Àwa tó ń kọ́ Yorùbá lè jókòó ṣe àríyànjiyàn lórí orúkọ tó dára jù, mo sì mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá mi jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ẹ wò ó báyìí. Iṣẹ́ ojú irin tó fẹ́ ti Marina dé Okokomáíkò bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Oṣù kẹsàn-án 2023 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, Mile 2 ló sì dé, àwa ará ìsàlẹ̀ ṣì ń retí. Lọ́dún 2010 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ yẹn, ₦65 ni lítà epo kan. Bí ẹnì kan bá wá ka ₦900 nínú ìwé kan lónìí láìsí déètì lára rẹ̀, ṣé lítà kan ló ń wí ni àbí bíi lítà mẹ́rìnlá? Náírà tí kò ní ọdún lára kò tíì jẹ́ iye kankan.

₦900,000 tí wọ́n kọ léraléra sínú ìwé ẹ̀gbọ́n, owó òní ni. Iye epo tòní ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èlé 32% ńkọ́? Owó ọjọ́ rẹ̀ ni ìyẹn. Ẹni tó ń yáni lówó mọ̀ pé náírà tí wọn yóò dá padà fún òun kò ní ra iye ọjà tí èyí tí òun yá wọn rà. Nítorí náà ó ti gbé ọ̀wọ́ngógó pọ̀n sẹ́yìn èlé rẹ̀. Apá kan nínú 32% náà jẹ́ ìtanràn fún ọjà tó ń wọ́n, èyí tó kù ni èrè rẹ̀ gidi. Bí a bá wá fi èlé tó pọn ọ̀wọ́ngógó pín owó tí kò ní ọ̀wọ́ngógó nínú, a ti jẹ ẹ̀gbọ́n níyà ọ̀wọ́ngógó láìfún un ní nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí iṣẹ́ rere fi ń dà bí iṣẹ́ burúkú lórí ìwé nìyẹn, bí ọdún bá sì ṣe ń jìnnà sí ni ìyà náà ń pọ̀ sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ méjì, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, àmọ́ ẹ má ṣe po wọ́n pọ̀.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí a sọ ọ̀wọ́ngógó kalẹ̀ lẹ́yìn èlé. A gbà pé láàárín ọdún márùn-ún yìí, ọjà yóò máa wọ́n sí i ní 20% lọ́dún (n óò padà sórí 20% yìí). Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kàn ní 32 dín 20, ó ku 12. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba ₦132 lẹ́yìn ọdún kan, tí ohun tó jẹ́ ₦100 sì ti di ₦120, ohun tó lè rà jẹ́ 132 tí a fi 120 pín:

```
(1 + 0.32) / (1 + 0.20) = 1.10
```

Èlé gidi jẹ́ 10%. Ìyàtọ̀ àárín 10 àti 12 dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò ẹ̀gbọ́n ó lé ní ₦167,000, àti pé bí ọ̀wọ́ngógó bá ṣe ga tó ni àṣìṣe náà ń fẹ̀ tó. Ní ìlú tí ọ̀wọ́ngógó wọn jẹ́ 2%, èèyàn lè máa yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì kó má ba nǹkan jẹ́. Níbí kọ́.

Pẹ̀lú 10%, ₦900,000 ọdún kìíní di ₦818,182. Ti ọdún kejì di ₦743,802, ti ẹ̀kẹta ₦676,183, ti ẹ̀kẹrin ₦614,712, ti ẹ̀karùn-ún ₦558,829. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦3,411,708. Ẹ yọ ₦2,500,000 kúrò níbẹ̀. Ó ku ₦911,708. Sólà kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, iye epo kan náà.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi 32% sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a wá jẹ́ kí owó epo náà dàgbà. Ọdún kìíní yóò di ₦1,080,000, èkejì ₦1,296,000, ẹ̀kẹta ₦1,555,200, ẹ̀kẹrin ₦1,866,240, ẹ̀karùn-ún ₦2,239,488. Ẹ fi 1.32 pín ti ọdún kìíní: ₦818,182. Ẹ pín ti ọdún kejì lẹ́ẹ̀mejì: ₦743,802. Ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Iye kọ̀ọ̀kan bá ti òkè mu dé orí náírà, àpapọ̀ rẹ̀ sì tún jẹ́ ₦3,411,708. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè to owó ọjọ́ rẹ̀ sí ìlà 2, kó to owó òní sí ìlà 3, kó sì kọ:

```
=NPV(0.32, B2:F2) - 2500000
=NPV(0.10, B3:F3) - 2500000
```

Bí ìdáhùn méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má wá ẹ̀bi lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun kan ti ṣèèṣì bọ́ sí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. (Owó tí a kọ́kọ́ ná lónìí gbọ́dọ̀ wà lóde àkámọ́ náà, nítorí pé `NPV` máa ń ka iye àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sí owó ìparí ọdún kìíní.)

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo sì ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n kò yọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ó ní, “Ta ló sọ fún yín pé epo yóò máa fi 20% gòkè lọ́dọọdún?”

Ìbéèrè náà dáa ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ, nítorí ó gbé ohun kan jáde tí kò hàn lójú ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Òṣìṣẹ́ tó kọ ₦900,000 lẹ́ẹ̀márùn-ún tó sì fi 1.32 pín in ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ kan, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ó ti sọ pé lítà epo yóò dúró lórí ₦900 gangan fún odindi ọdún márùn-ún, nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù lọ́jà ń wọ́n sí i. Bí ẹnì kan bá gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tó sì ní ìdí rẹ̀, ₦389,315 tó fi dín yẹn tọ̀nà. Àmọ́ kí ó sọ ọ́ síta, kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ náà kò sọ ọ́, ìṣirò rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.

Epo kò sì ní ìwà kan náà pẹ̀lú ọjà yòókù. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀, lítà kan fò láti nǹkan bí ₦185 sí ₦488 ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọ̀wọ́ngógó ọjà gbogbo lóṣù yẹn jẹ́ 22.41% láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn náà, nínú oṣù kejì 2025, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote dín iye tó ń ta epo fún àwọn alágbàtà kù láti ₦950 sí ₦890, kí oṣù náà sì tó parí ó tún ti sọ ọ́ di ₦825. Ọjà yòókù kò bá a sọ̀ kalẹ̀. Epo lè sáré ju ọjà lọ, ó sì lè padà sẹ́yìn nígbà tí ọjà ń lọ síwájú.

Níbi tí nǹkan bá rí báyìí, mo fara mọ́ ọ̀nà kejì, ti owó ọjọ́ rẹ̀, ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan lè ní ìwọ̀n ìgòkè tirẹ̀: epo tirẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ tirẹ̀, háyà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. A gbìyànjú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Bí epo bá ń gòkè ní 10% péré lọ́dún nígbà tí ọjà gbogbo ń gòkè ní 20%, owó ọdún kìíní yóò jẹ́ ₦990,000, ti ọdún karùn-ún yóò jẹ́ ₦1,449,459. Bí a bá fi 32% mú wọn wálé, wọ́n jẹ́ ₦2,691,551 lápapọ̀. Èrè rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ láti ₦911,708 sí ₦191,551. Ó ṣì pé, àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo iye yẹn, ó mi orí. Ó ní èyí ni òun lè gbà gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn owó òní lè ṣe é náà, kó má kàn fi ₦900,000 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Epo tó ń fi 10% gòkè láàárín ọjà tó ń fi 20% gòkè ń di pọ́ọ́kú díẹ̀díẹ̀ lójú owó òní. Ọdún kìíní yóò di ₦825,000, ọdún kejì ₦756,250, yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ti onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwa. Nígbà tó gbọ́ pé sólà ń bọ̀, ó wá bá ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n fa wáyà iná sí ọ̀dọ̀ òun náà, òun yóò máa san ₦20,000 lóṣù. Kí ẹ̀gbọ́n má bàa máa fi owó kún owó lójoojúmọ́ bíi ti onílé, ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: ₦20,000 ni títí ọdún márùn-ún yóò fi pé. Láti lè gbé iná tiwa àti tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n yóò ra bátìrì tó tóbi jù àti páńẹ́ẹ̀lì méjì sí i. Àfikún rẹ̀ jẹ́ ₦700,000.

₦20,000 lóṣù jẹ́ ₦240,000 lọ́dún. Ẹ̀gbọ́n, tó ti wá mọ èlé gidi báyìí, mú 10% tí a fi hàn án, ó sì fi ṣe é. ₦240,000 fún ọdún márùn-ún pẹ̀lú 10% jẹ́ ₦909,789. Yọ ₦700,000, èrè jẹ́ ₦209,789. Inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n ₦240,000 yìí yàtọ̀ pátápátá sí ₦900,000 epo. Kò sí ẹni tó kọ iye epo sínú àdéhùn, òun fúnra rẹ̀ yóò máa bá ọjà lọ. Ti onígbàjámọ̀ ti di kíkọ, kò ní gbéra. Owó ọjọ́ rẹ̀ ni látìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ló wà ní abẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, tó fi jọ owó òní lójú ẹni. Bí ọjà bá ń wọ́n ní 20%, ₦240,000 ọdún karùn-ún yóò ra ohun tí ₦96,451 ń rà lónìí. Èlé tó pọn ọ̀wọ́ngógó, 32%, ló tọ́ sí i. Bí a bá fi ìyẹn mú un wálé, gbogbo owó onígbàjámọ̀ fún ọdún márùn-ún jẹ́ ₦562,849 lónìí, nígbà tí àfikún jẹ́ ₦700,000. Ẹ̀gbọ́n yóò fi ₦137,151 ṣe onígbàjámọ̀ lóore láìmọ̀.

Ohun tó mú mi lára nínú rẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí kò yí padà láti ọdún dé ọdún ni méjèèjì lójú ìwé. Ọ̀kan gba 10%, èkejì gba 32%. Wíwo ojú wọn nìkan kò lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ ní láti béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí iye náà bí ọjà bá wọ́n sí i lọ́la. Bí yóò bá gbéra pẹ̀lú ọjà, owó òní ni ẹ kọ. Bí àdéhùn tàbí òfin kan bá ti dè é mọ́lẹ̀, owó ọjọ́ rẹ̀ ni. Háyà tí onílé gbà ní ọdún méjì papọ̀, owó tí èèyàn ń san padà fún ẹni tó yá a lówó, owó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń pín ní iye pàtó, gbogbo wọn ló wà nínú ẹbí ti onígbàjámọ̀.

Ní ti 20% tí mo ní n óò padà sí: ọ̀rẹ́ mi ló mú un wá, mo sì bá a jiyàn lórí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí a kò lo iye tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde. Ó ní ká wò ó bí yóò ṣe rí. Iye tí wọ́n gbé jáde fún oṣù kejìlá 2024 jẹ́ 34.80%. Bí a bá fi ìyẹn pín 32%, 1.32 lórí 1.348, kò tó oókan. Èlé gidi yóò lọ sísàlẹ̀ òdo pẹ̀lú nǹkan bí 2%. Ìyẹn ni pé owó ọdún márùn-ún sí i yóò ṣe iyebíye ju owó òní lọ, gbogbo òwò tó bá ti lè dá iye tí a ná sórí rẹ̀ padà yóò sì dà bí èyí tó pé. Oṣù kan lẹ́yìn náà, fún oṣù kìíní 2025, iye náà di 24.48%. Ọjà kò ṣubú lóru ọjọ́ kan. Ńṣe ni wọ́n yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò náà padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò. Ẹni tó bá mú èyíkéyìí nínú méjèèjì tó sì nà án dé ọdún karùn-ún ń fi ohun tó ti kọjá díwọ̀n ohun tó ń bọ̀. Ọ̀wọ́ngógó tí ìṣirò yìí ń fẹ́ ni èyí tí a rò pé yóò wà láàárín ìgbà tí sólà fi ń ṣiṣẹ́, èyí kan náà tí ẹni tó ń yáni lówó ti rò kó tó pe èlé rẹ̀ ní 32%. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà lórí 20% tí tiwa sì wà lórí 34%, kò sí bí ìṣirò náà ṣe lè dúró.

20% náà lè kùnà o. Bí ẹ̀gbọ́n bá yá owó ní 32% tí kò yí padà fún ọdún márùn-ún, tí ọ̀wọ́ngógó sì rọlẹ̀ dé 12%, èlé gidi tó ń san yóò fò láti 10% sí bíi 17.9%. Ìròyìn ayọ̀ fún gbogbo ìlú ni kí ọjà rọlẹ̀, àmọ́ kò dùn mọ́ ẹni tó ti fọwọ́ sí èlé gíga. Mo sọ èyí fún un. Ó ní òun yóò béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun tètè san gbèsè náà tán láìgba owó ìtanràn.

Ó ti gbé ìwé tuntun lọ bá wọn. Orí ìlà kọ̀ọ̀kan ni a kọ “owó ọjọ́ rẹ̀” sí gàdàgbà, epo wà níbẹ̀ ní 10%, èlé wọn wà níbẹ̀ ní 32%. Wọn kò tíì fèsì. Ní ti onígbàjámọ̀, ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé òun kò kọ̀ láti fa iná, ṣùgbọ́n òun kò ní kọ ₦20,000 sínú àdéhùn. Iye lítà epo 22 ni òun yóò kọ, kí wọ́n máa fi iye tí ilé epo tó wà nítòsí ń tà á ní ọjọ́ kìíní oṣù sọ ọ́ di náírà. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, nítorí epo ni mo ṣe fẹ́ bá yín dara pọ̀, ẹ tún gbé epo padà fún mi.” Ó ní ká fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun rò ó.